Ọjà Tó Sùn Yàtọ̀ sí Ọjà Tó Kú

Ẹ rìn láti Ọjà Ọba wọ òpópónà Arakale ní Àkúrẹ́, kí ẹ bi àwọn ìyá wa tó ń ta aṣọ níbẹ̀ pé kí ló dé tí aṣọ tó wà nísàlẹ̀ pẹpẹ ò tíì kúrò láti èṣí. Ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta mẹ́rin: "Aṣọ kì í jẹrà." Tòmátì ló ń jẹrà, ẹja ló ń rà, aṣọ á dúró de ẹni tó ni ín. A bọ̀wọ̀ fún ẹnu tó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ṣọ́ọ̀bù aṣọ ló ń san owó ilé ìwé ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n a ò gbà. Aṣọ kì í jẹrà lóòótọ́; owó tó wà nínú aṣọ ló ń jẹrà.

Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá rò pé ọ̀rọ̀ kan wà tó ń bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni "kùtà". Aṣọ tí ẹnì kan ń rà lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, a ní ó kùtà. Aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè iye rẹ̀ láti ọdún kan, a tún ní ó kùtà. Orúkọ kan náà la fún alárùn-ún oorun àti òkú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe ìtọ́jú kan náà fún àwọn méjèèjì.

Èyí tó ń sùn là ń pè ní ọjà tó lọ́ra. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni léèsì funfun, aṣọ dúdú tí wọ́n ń wọ̀ síbi ìsìnkú, àti aṣọ òkè tó dára. Ó lè má kúrò nílẹ̀ láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kẹsàn-án, ṣùgbọ́n bí oṣù Kejìlá bá dé pẹ̀lú ìgbéyàwó àti ìsìnkú rẹ̀, wọ́n á wá a wá, wọ́n á sì san iye tó tọ́ sí i. Bí ẹni tó ni ín bá dín owó rẹ̀ kù ní oṣù Karùn-ún, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju èrè nù ni.

Òkú ọjà kò ní oṣù kankan tó ń retí. Ẹ wo léèsì aláwọ̀ méjì tí wọ́n kó wá fún aṣọ ẹbí ìdílé kan, tí ayẹyẹ ti kọjá, tó wá ku díẹ̀. Ẹ wo ànkárá tí wọ́n tẹ àwòrán olùdíje sí kí ìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó ti oṣù Kọkànlá ọdún 2024 tó wáyé. Ẹ wo àjẹkù ọ̀pá méjì tí kò tó rán bùbá àti ìró, tàbí aṣọ tí oòrùn ti pa àwọ̀ rẹ̀ rẹ́ níbi tí wọ́n ti ká a. Ọdún mẹ́wàá ò lè jí wọn.

Báwo la ṣe lè mọ ìyàtọ̀? Ìbéèrè kan ló tó: bí owó aṣọ yìí bá wà lọ́wọ́ yín lónìí, ṣé ẹ máa gbé e lọ sí Balógun l'Ékòó tàbí Gbàgì n'Íbàdàn láti tún irú aṣọ náà rà? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, aṣọ náà ń sùn ni. Ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ rárá, ó ti kú. Iye tí ẹ rà á kò sí nínú ìbéèrè yìí, nítorí owó yẹn ti lọ.

Àwọn kan á ní a ò mọ ọjà. Wọ́n á rán wa létí oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ jọ̀wọ́ náírà fún ọjà láti máa pinnu iye rẹ̀, tí ọjà tuntun sì gbówó lórí. Ẹni tó ní aṣọ nílẹ̀ nígbà náà jèrè ju ẹni tó ní owó lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n aṣọ tó lọ́ra ló jèrè, torí pé ẹni tó ń wá a ṣì wà. Owó léèsì tuntun kì í gbé owó àjẹkù aṣọ ẹbí sókè. Bí ọjà tuntun bá sì ń gbówó lórí lójoojúmọ́, ó yẹ ká tètè sọ òkú ọjà di owó, ká fi ra ọjà tuntun kí ó tó wọ́n sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan ní léèsì aṣọ ẹbí mẹ́fà tó ṣẹ́kù, tí wọ́n ra ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦30,000. Owó tó há síbẹ̀ jẹ́ ₦180,000. Oṣù mẹ́rìnlá ti kọjá. Bí wọ́n bá ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦18,000, ₦108,000 ló máa wọlé, wọ́n á sì pàdánù ₦72,000. Ibí yìí ni ọkàn ti máa ń gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. ₦108,000 yẹn lè ra ìdì ànkárá méjìlá tó ń yá, ní ₦9,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá tà á ní ₦10,500, èrè ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ ₦18,000. Bí ó bá gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ó tó tán, ìyípo mẹ́rin á dá ₦72,000 padà láàárín oṣù márùn-ún. Léèsì tó wà lórí pẹpẹ fún oṣù mẹ́rìnlá kò mú kọ́bọ̀ kan wá.

Ohun tí à ń bá jà kì í ṣe àìdínwó nìkan. Àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn ń lẹ ìwé "ẹ̀dínwó" mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì dín owó gbogbo aṣọ kù. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé léèsì funfun á tán pẹ̀lú èrè tín-ín-rín, òkú á sì wà níbi tó wà. Lẹ́yìn náà, àwọn oníbàárà á mọ̀ pé ó dára kí àwọn dúró de ẹ̀dínwó. Òkú ọjà nìkan ni ká kó sórí tábìlì ọ̀tọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ká kọ iye tuntun sí i. Ká kọ́kọ́ yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá lọ, ká yọ ìdá méjì. Èyí tó bá kù, ká dì í pọ̀ fún àwọn aránṣọ tó ń fi àjẹkù rán aṣọ ọmọdé, tàbí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ.

Ohun méjì ló lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àkọ́kọ́ ni àwìn. Ẹni tó bá ta òkú ọjà láwìn ti sọ ọ́ di òkú gbèsè. Ó ti pàdánù aṣọ, kò sì rí owó. Èkejì ni kí owó tó wọlé gba inú ilé lọ. Ojú owó ni, kì í ṣe èrè. Bí a bá fi jẹun tàbí fi san owó ilé ìwé wa, àdánù ₦72,000 náà á dúró bẹ́ẹ̀ títí láé, pẹpẹ á sì ṣófo. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tẹ́ ẹ ń lọ sílé fún ìsinmi, kí ẹ tó béèrè owó lọ́wọ́ màmá yín, ẹ bá wọn tú ìsàlẹ̀ pẹpẹ ná. Ó ṣeé ṣe kí owó náà wà níbẹ̀, kí ó jẹ́ pé a kàn ń pè é ní aṣọ.