Onígun Mẹ́ta Kò Ní Àárín Kan Ṣoṣo: Èsì sí Ẹ̀kọ́ Òdì Nípa Òbírí Inú àti Òbírí Ìta

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ̀yin wọnlẹ̀wọnlẹ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò, ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa tí mo fẹ́ fà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Wọ́n ní gbogbo onígun mẹ́ta ló ní àárín kan. Wọ́n ní bí a bá fi kọ́ńpáàsì gún àárín yẹn, a lè ti ibẹ̀ fa òbírí kékeré tí yóò fara kan ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti inú, kí a sì tún ti ojú kan náà fa òbírí ńlá tí yóò gba orí ṣónṣó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Wọ́n ní ìlọ́po méjì ìlà àárín òbírí inú ni ìlà àárín òbírí ìta. Wọ́n tún ní òbírí ìta yìí ló kéré jù lọ nínú gbogbo òbírí tó lè bo onígun mẹ́ta náà.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀ bí ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba. Tí wọn ò bá ti dọ́gba, ọ̀rọ̀ àárín kan àti ọ̀rọ̀ ìlọ́po méjì di irọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ òbírí tó kéré jù lọ náà a sì di irọ́ bí igun kan bá ti fẹ̀ ju dìgírì 90 lọ.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti ń wọlé. Nígbà tí tíṣà bá dojú kọ pátákó tó fẹ́ ya onígun mẹ́ta, èyí tó gún régé ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń yà, èyí tó jókòó dáadáa tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Lójú àwòrán bẹ́ẹ̀, àárín méjèèjì sún mọ́ra débi pé ẹfun ìkọ̀wé bò wọ́n mọ́lẹ̀ pọ̀. Ọmọ kíláàsì da àwòrán kọ sínú ìwé, ó dàgbà, ó di tíṣà, ó tún yà á bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Euclid tó kọ ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn ò da méjèèjì pọ̀. Nínú Ìwé Kẹrin rẹ̀, iṣẹ́ kẹrin ló fi fa òbírí inú, iṣẹ́ karùn-ún ló fi fa òbírí ìta, nínú iṣẹ́ karùn-ún yìí ló sì ti yẹ ọ̀nà mẹ́ta wò: kí àárín bọ́ sínú onígun mẹ́ta, kí ó bọ́ sórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí kí ó bọ́ síta pátápátá.

Ìdí tí wọn ò fi lè jẹ́ ọ̀kan náà ni pé ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dáhùn. Àárín òbírí inú ni ojú ibi tó jìnnà bákan náà sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí a bá la igun kọ̀ọ̀kan sí méjì ọgbọọgba, ibẹ̀ ni ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti máa pàdé, kò sì lè jáde síta láé. Àárín òbírí ìta ní tirẹ̀ ni ojú ibi tó jìnnà bákan náà sí ṣónṣó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí a bá gbé ìlà dúró ṣánṣán láti ìdajì ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa pàdé. Kò sí ohun tó de ìyẹn mọ́ inú onígun mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí a mọ bí a ṣe ń wá rédíọ́sì wọn, ìyẹn ìwọ̀n láti àárín òbírí dé etí rẹ̀. Ẹ pe ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní a, b àti c. Ẹ pe ìdajì àpapọ̀ wọn ní s, kí ẹ sì pe ìwọ̀n ààyè inú onígun mẹ́ta náà ní K. Láti àárín òbírí inú, ẹ fa ìlà dé ṣónṣó kọ̀ọ̀kan. Onígun mẹ́ta ńlá pín sí kéékèèké mẹ́ta nìyẹn, gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ni rédíọ́sì r, nítorí pé rédíọ́sì dúró ṣánṣán sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan níbi tí òbírí ti fara kàn án. Ààyè inú wọn lápapọ̀ jẹ́ ìdajì a lọ́nà r, pẹ̀lú ìdajì b lọ́nà r, pẹ̀lú ìdajì c lọ́nà r. Ìyẹn ni K = rs, tó fi jẹ́ pé:

r = K / s

Ti òbírí ìta, tí a ó pe rédíọ́sì rẹ̀ ní R, gba àròjinlẹ̀ díẹ̀. Ẹ dúró sí ṣónṣó tí ẹ̀gbẹ́ b àti c ti pàdé. Ẹ ti ibẹ̀ sọ ìlà gíga h kalẹ̀ sórí ẹ̀gbẹ́ a, kí ẹ sì tún ti ibẹ̀ kan náà fa ìlà gba àárín òbírí kọjá dé etí rẹ̀ lódìkejì. Gígùn ìlà kejì yìí jẹ́ 2R. Onígun mẹ́ta kékeré méjì ló yọ: ọ̀kan ní h àti c, èkejì ní b àti 2R. Igun dìgírì 90 wà nínú àwọn méjèèjì, igun tí wọ́n sì dì mọ́ ìgè òbírí kan náà dọ́gba, nítorí náà wọ́n jọra. h sí c bá b sí 2R mu, ìyẹn ni pé bc = 2Rh. Ẹ wá fi a sọ apá méjèèjì di púpọ̀. Níwọ̀n bí ah ti jẹ́ 2K, a rí abc = 4RK, tó fi jẹ́ pé:

R = abc / 4K

Ẹ wo bí K ṣe jókòó sí. Nínú r, òkè ló wà. Nínú R, ìsàlẹ̀ ló wà. Bí onígun mẹ́ta bá ṣe ń tẹ́ pẹrẹsẹ tí ààyè inú rẹ̀ ń tán lọ, òbírí inú á máa sún kì, òbírí ìta á sì máa fẹ̀ láìdúró. Báwo ni ọ̀kan ṣe máa wá jẹ́ ìlọ́po méjì èkejì nígbà gbogbo?

Ẹ jẹ́ kí a gbé ilẹ̀ méjì yẹ̀ wò. Ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní ẹ̀gbẹ́ mítà 13, 13 àti 10. Ìkejì ní mítà 13, 13 àti 24. Fún ààyè inú, a ó lo ọ̀nà tí Heron ará Alẹkisáńdíríà fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn: ẹ mú s, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ohun tó kù nígbà tí a bá yọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú s, kí ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀. Nínú ilẹ̀ àkọ́kọ́, s jẹ́ 18, ìṣirò náà sì jẹ́ 18 × 5 × 5 × 8, èyí tó jẹ́ 3,600. Nínú ìkejì, s jẹ́ 25, ìṣirò náà sì jẹ́ 25 × 12 × 12 × 1, 3,600 kan náà. Gbòǹgbò 3,600 ni 60. Ilẹ̀ méjèèjì gba mítà 60 níbùú-lóòró, ẹ̀gbẹ́ méjì nínú wọn sì bára mu, àmọ́ ẹ wo òbírí wọn.

Fún ilẹ̀ àkọ́kọ́, r jẹ́ 60 / 18, nǹkan bí mítà 3.33; R jẹ́ 1,690 / 240, nǹkan bí mítà 7.04. Ìlọ́po méjì àti díẹ̀ nìyẹn, ó fẹ́ jọ ohun tí wọ́n ń sọ. Fún ilẹ̀ kejì, r jẹ́ 60 / 25, ìyẹn mítà 2.4, R jẹ́ 4,056 / 240, ìyẹn mítà 16.9. Ìlọ́po méje àti díẹ̀ nìyẹn!

Gíga ilẹ̀ kejì láti ẹ̀gbẹ́ 24 dé ṣónṣó jẹ́ mítà 5 péré. Àárín òbírí ìta gbọ́dọ̀ jìnnà sí ṣónṣó náà ní mítà 16.9, nítorí náà ó kọjá ẹ̀gbẹ́ 24 lọ sínú ilẹ̀ aládùúgbò ní mítà 11.9. Àárín òbírí inú wà nínú ilẹ̀ ní tirẹ̀, mítà 2.4 sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, mítà 14.3 ló wà láàárín ohun tí wọ́n pè ní àárín kan ṣoṣo.

William Chapple ti tẹ òfin tó so ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1746, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Euler ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pè é. Bí d bá jẹ́ ìjìnnà àárín méjèèjì, d lọ́nà d jẹ́ R(R − 2r). Ẹ dán an wò: 16.9 × 12.1 jẹ́ 204.49, gbòǹgbò rẹ̀ sì ni 14.3 gẹ́lẹ́. Òfin yìí ló dájọ́. d kò lè di òdo àfi bí R bá jẹ́ 2r, èyí kì í sì í ṣẹlẹ̀ àfi bí ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba. R kò sì lè kéré sí 2r láé.

Ẹnìkan lè fi onígun mẹ́ta 13, 14, 15 tako mi, èyí tí ìwé ìṣirò fẹ́ràn púpọ̀. K rẹ̀ jẹ́ 84, r jẹ́ 4, R jẹ́ 8.125. Ó súnmọ́ ìlọ́po méjì gan-an, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ fi òfin wọ̀n ọ́n: 8.125 × 0.125 lé díẹ̀ ní 1, nítorí náà àárín méjèèjì fi ohun tó lé díẹ̀ ní mítà kan jìnnà síra bí ìwọ̀n yẹn bá jẹ́ mítà. Àpẹẹrẹ tó ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ jù lọ nìyí, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ òbírí tó kéré jù lọ. Ká ní a fẹ́ fi iná kan ṣoṣo tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo ilẹ̀ 13, 13, 24 yẹn. Ẹni tó gba ìgbàgbọ́ yìí gbọ́ yóò ri òpó sínú ilẹ̀ ẹlòmíràn, yóò sì wá iná tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé mítà 16.9. Bẹ́ẹ̀, tó bá ri òpó sí ìdajì ẹ̀gbẹ́ 24, iná tó dé mítà 12 ti tó: ó kan ìkángun méjèèjì, ṣónṣó kẹta sì wà ní mítà 5 péré sí òpó. Tí igun kan bá ti fẹ̀ ju dìgírì 90, òbírí tó kéré jù lọ ni èyí tó fi ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù ṣe ìlà àárín rẹ̀. Òbírí ìta tóbi jù ú lọ.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ṣáájú kò le. Ẹ sọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí ẹ ro ti àwọn méjì tó kúrú pọ̀. Nínú ilẹ̀ kejì, 169 àti 169 jẹ́ 338, ṣùgbọ́n 24 × 24 jẹ́ 576. Ti ẹ̀gbẹ́ gígùn ló pọ̀ jù, àárín òbírí ìta wà níta nìyẹn. Tó bá dọ́gba, bíi ti 5, 12, 13, orí ẹ̀gbẹ́ gígùn ló wà. Tó bá kéré, inú ló wà.

Ọ̀kan ṣì wà tí mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó ń fi téèpù wọn ilẹ̀. Bí onígun mẹ́ta bá ti tẹ́, àṣìṣe kékeré lórí ẹ̀gbẹ́ gígùn máa ń da R rú. Ẹ sọ 24 yẹn di 25: ẹ̀gbẹ́ kan ló fi mítà kan gùn sí i, R sì fò láti 16.9 lọ sí nǹkan bí 23.7. Nítorí náà, tí R yín bá jáde ní kíkéré sí 2r tàbí kíkéré sí ìdajì ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù, ìṣirò ti wọ́. Tó bá sì jáde ní títóbi gan-an ju ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù lọ, ẹ padà lọ wọn ẹ̀gbẹ́ náà lẹ́ẹ̀kejì kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ihò òpó.