Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe ènìyàn

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, nọ́ńbà fóònù gbogbo ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ yí padà. Nọ́ńbà tó jẹ́ díjíìtì 8 tẹ́lẹ̀ di 10, nítorí wọ́n fi 01 sí iwájú rẹ̀. Síìmù kò yí padà, ẹni tó ni ín náà kò yí padà. Ṣùgbọ́n lójú bọ́ọ̀tì tí ilé iṣẹ́ fi ń dá oníbàárà lóhùn, ẹni tuntun lè ti dé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi Dassa-Zoumè ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìyá oníṣòwò gààrí kan níbẹ̀ ṣèèṣì fi 20,000 fráǹkì ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ẹlòmíì ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú àyípadà yẹn. Ó kọ̀wé sí bọ́ọ̀tì, ó sọ orúkọ rẹ̀, iye owó náà àti nọ́ńbà tí owó lọ. Bọ́ọ̀tì ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà fóònù ni ilé iṣẹ́ náà fi ń dá fáìlì mọ̀, abẹ́ nọ́ńbà díjíìtì 8 ni fáìlì ìyá wà. Nígbà tó padà dé, nọ́ńbà díjíìtì 10 ni ẹ̀rọ rí. Ẹ̀rọ wá fáìlì, kò rí i, ó sì kí i bí àlejò: "Ẹ káàbọ̀. Kí la lè ṣe fún yín?"

Ohun méjì ló bàjẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀sùn ìyá sọnù. Fáìlì àtijọ́ náà, tó kún fún orúkọ àti ọ̀rọ̀ owó, sì di aláìníyàá nínú ẹ̀rọ. Ilé iṣẹ́ tó ní òun máa pa fáìlì rẹ́ ní 90 ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀sùn bá parí kò ní pa èyí rẹ́ láé, torí ẹni tó lè parí rẹ̀ kò lè dé ibẹ̀ mọ́. Ní tèmi, aago fáìlì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Tí oṣù mẹ́fà bá kọjá láìsí ọ̀rọ̀ tuntun, kí òṣìṣẹ́ kan yẹ̀ ẹ́ wò, kó pe oníbàárà, lẹ́yìn náà kó pa á rẹ́.

Ewu kejì tún le ju ìyẹn lọ. Wọ́n máa ń ta nọ́ńbà tí wọn kò lò mọ́ fún ẹlòmíì. Ní Nàìjíríà, síìmù tí wọn kò lò fún ọdún kan lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tuntun lábẹ́ òfin àjọ NCC. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́, ẹni tó rà á ti ra ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn.

Kí ni àtúnṣe? Kí ilé iṣẹ́ ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni ènìyàn: kó ní àmì tirẹ̀ nínú ìwé ilé iṣẹ́, kí nọ́ńbà fóònù jẹ́ àdírẹ́sì lásán tó lè yí padà. Ìkejì ni ìjókòó, ìyẹn àkókò tí ó ń bá bọ́ọ̀tì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí àmì ìjókòó jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ ṣà láìtẹ̀lé ara wọn. Bí ó bá jẹ́ 1001, 1002, ẹni tó yí díjíìtì kan padà lè ka ọ̀rọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Ìkẹta ni fáìlì ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìjókòó yẹ kó kú kíákíá, pàápàá níbi tí ìyá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ti ń lo fóònù kan. Ìṣẹ́jú 15 láìsí ọ̀rọ̀ tó. Kó tún ní òpin tí kò ṣeé sún síwájú, bíi wákàtí kan, torí bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ń tún aago bẹ̀rẹ̀, ìjókòó lè má kú láéláé. Àmọ́ ikú ìjókòó kò gbọ́dọ̀ pa fáìlì. Ìyá tó dúró wọn gààrí fún oníbàárà fún 20 ìṣẹ́jú yóò kàn tún nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ tẹ̀, yóò sì bá ẹ̀sùn rẹ̀ níbi tó fi í sí.

Ẹ̀yin náà lè dán an wò. Ẹ fi bọ́ọ̀tì yín sílẹ̀ fún ìdajì ọjọ́, kí ẹ padà béèrè nípa owó yín. Tó bá dáhùn láìbéèrè nọ́ńbà àṣírí, ìjókòó àárọ̀ ṣì wà láàyè.

Òfin 2017-20 ti ọdún 2018 ní Bẹ̀nẹ̀ ti sọ pé a kò gbọ́dọ̀ tọ́jú ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn ju ìgbà tí a nílò rẹ̀ lọ, àjọ APDP ló sì ń bójú tó o. Ìbéèrè kan péré ni mo fẹ́ kí wọ́n bi ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: fáìlì mélòó ló ṣì wà lábẹ́ nọ́ńbà díjíìtì 8, ta sì ni wọ́n ń tọ́jú wọn fún?