Kọ́fà Fídíò Ẹgbẹ́ Wa: Èmi Ò Fara Mọ́ Káàdì Aláwọ̀ Ewé Yẹn

Ọ̀rọ̀ ojú-ewé Instagram ẹgbẹ́ wa ni mo fẹ́ sọ. Ẹ mọ̀ pé àwa ò gbọdọ̀ ní fóònù nínú ilé-ìwé, fóònù olùkọ́ wa la fi ń ya fídíò lọ́sàn-án Sátidé.

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn sínọ̀ wa ní kí gbogbo kọ́fà di káàdì aláwọ̀ ewé kan náà, ká kan máa kọ àkọlé sí i. Wọ́n ní ojú-ewé wa rí jákujàku. Òótọ́ ni, ó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èmi ò gbà pé káàdì ni oògùn ẹ̀. Bí èèyàn bá ṣí ojú-ewé wa, mẹ́ta-mẹ́ta ni fídíò tò lórí ìlà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò sì tó páálí ìṣáná. Tí káàdì ewé mẹ́sàn-án bá tò síbẹ̀, tí kò sí ojú èèyàn kankan, èwo lèèyàn fẹ́ tẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú fídíò kan wò. Ọmọ kíláàsì wa kan ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Fídíò yẹn dùn gan-an, ó tiẹ̀ gbé ọkọ́ gidi dání látinú oko ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n OKO gàdàgbà ló wà lára kọ́fà rẹ̀, kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó rí i nílé rò pé iṣẹ́ àgbẹ̀ la fẹ́ kọ́ òun, kò tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ṣe kọ́fà náà kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ó fi àmì sí i, àmọ́ irú lẹ́tà tó mú ò gba Ọ́, àpótí òfìfo ló ń gbé jáde, ló bá yọ gbogbo àmì kúrò. Ohun tó yẹ ká máa ṣe ni pé ká kọ́kọ́ tẹ Ọ́ àti Ẹ̀ wò kí a tó mú irú lẹ́tà kankan. Noto Sans máa ń gbà wọ́n.

Àṣìṣe kejì ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà. Kọ́fà tó gùn dọ́gba pẹ̀lú fídíò jẹ́ píksẹ́lì 1080 ní ìbú, 1920 ní gígùn. Láti oṣù kìíní ọdún 2025, àpótí ojú-ewé Instagram kì í ṣe onígun mẹ́rin dọ́gba mọ́, ó ti di 3 sí 4. Nítorí náà 1440 tó wà láàárín ló máa hàn níbẹ̀. 240 á lọ lókè, 240 á lọ nísàlẹ̀. Òkè pátápátá la kọ OKO sí, ìdajì rẹ̀ sì bọ́. Lẹ́tà ńlá tó ní àmì lórí tún máa ń ga, àmì ló sì máa kọ́kọ́ gé.

Èrò tèmi rèé. Ká máa dúró síwájú ògiri kan náà, èyí tó wà lẹ́yìn yàrá ìjẹun dáa. Kí orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tóbi bákan náà nínú gbogbo wọn, kí ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, àwọ̀ yẹ́lò, ibì kan náà nígbà gbogbo. Ojú èèyàn àti ohun tó gbé dání ló máa yàtọ̀. Fún fídíò yẹn, ọmọ náà á gbé ọkọ́ sókè, a ó kọ ỌKỌ́ ÀBÍ ỌKỌ̀? sábẹ́. Ká ya fọ́tò rẹ̀ lọ́tọ̀ nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́, torí àwòrán tí a bá mú látinú fídíò níbi tó ti ń ju ọwọ́ máa ń ṣú.

Ohun kan ṣì kù tí a gbàgbé. Ẹni tó ń yí fídíò lọ sókè kì í rí kọ́fà wa rárá, ibi tí fídíò ti bẹ̀rẹ̀ ló ń rí. Tiwa yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àjà ilé àti àtàǹpàkò ẹni tó ń gbé fóònù kalẹ̀! Ká gé ibẹ̀ kúrò, kí ọkọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó la ẹnu, bó ṣe wà nínú kọ́fà gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ láti ojú-ewé wa náà á mọ̀ pé ohun tóun rí lòún bá.

A ò ní láti pa fídíò àtijọ́ rẹ́. Èèyàn lè pààrọ̀ kọ́fà lẹ́yìn tó ti gbé fídíò jáde. Mo bẹ olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yá wa ní fóònù lẹ́yìn síẹ́sítà ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo ti fi rúlà fa ìlà 240 lókè àti nísàlẹ̀ sínú ìwé mi, mẹ́fà la máa kọ́kọ́ tún ṣe, ti ọkọ́ sì ni àkọ́kọ́.