Ìyànà Ìpájà Wo Ni Ẹ Ń Mu? Ẹ Bèèrè Orúkọ Ewé Méjèèjì



Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láti orí fóònù kan sí òmíràn pé kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó já ewé Ìyànà Ìpájà, kí ó fi omi fún un, kí ó sì mu ún ní tútù. Nígbà tí a jókòó ìpàdé, ìyá méjì mú ewé náà wá láti ẹ̀yìnkùlé wọn. Ìyànà Ìpájà ni àwọn méjèèjì pe tiwọn, ṣùgbọ́n ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n mú lọ́wọ́. Èyí ló jẹ́ kí n sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu ewé kan nítorí orúkọ àdúgbò nìkan. Ẹ bèèrè orúkọ Látìn rẹ̀.

Kò le rárá. Ọ̀rọ̀ méjì ni orúkọ náà. Bí ìgbà tí a bá bèèrè ọmọ ni: a ó kọ́kọ́ bi í pé agboolé wo ló ti wá, lẹ́yìn náà ni a ó bi í ní orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni agboolé, lẹ́tà ńlá ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì ni orúkọ ọmọ náà gan-an, lẹ́tà kékeré ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ewé ìyá àkọ́kọ́ ni _Jatropha tanjorensis_, èyí tí àwọn kan ń pè ní ọsibítù-jìnnà. Àwọn ará Gíríìkì ayé àtijọ́ ló ni ọ̀rọ̀ tí a fi ṣe _Jatropha_: oúnjẹ oníṣègùn ni ìtumọ̀ rẹ̀. _Tanjorensis_ ń sọ pé láti Tanjore ní ilẹ̀ Íńdíà ni. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orúkọ dídùn tàn yín. Làpálàpá tí a fi ń ṣe ọgbà, _Jatropha curcas_, agboolé kan náà ni. Ọmọdé tó bá jẹ èso rẹ̀ yóò máa bì, yóò sì máa ya ìgbẹ́ gbuuru. Agboolé ń sọ fún wa pé wọ́n bá ara wọn tan, pé kí a ṣọ́ra. Orúkọ kejì ló ń sọ èyí tí a máa ń fi ṣe ọbẹ̀ àti èyí tí a kì í jẹ.

Ewé ìyá kejì ni _Cnidoscolus aconitifolius_. Agboolé mìíràn nìyẹn. Ẹ̀gún tó ń jóni bí èsìsì ni orúkọ agboolé náà túmọ̀ sí, nítorí pé àwọn tí kò tíì di ti ilé nínú wọn ní irun tó ń jóni lára. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, oje funfun bí wàrà ni yóò ṣàn, òdòdó rẹ̀ náà sì funfun.

Ibí ni ewu wà. Ewé kejì yìí ní irú májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe gàrí mọ̀ pé a kì í jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò láìṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí: ẹ sè é fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ ṣí ìkòkò sílẹ̀ kí májèlé náà lè bá ooru lọ, ẹ má sì lo ìkòkò alumíníọ́mù. Bí a bá ti sè é báyìí, ẹ̀fọ́ tó dára ni. Kí a fún un ní tútù kí a mu ún, pàápàá fún aláboyún, kò dára rárá. Ẹni tó bá mu ún tí orí ń fọ́, tí òòyì ń kọ́, tó ń bì tàbí tí kò lè mí dáadáa, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí _Jatropha_ nìkan, tàbí _Jatropha_ sp. lórí ìgò àgbo tàbí nínú àtẹ̀jáde, ẹ mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ sọ agboolé, kò sọ ọmọ. Ẹ má mu ún.

Bí ewé bá rú yín lójú, ẹ gé ẹ̀ka tó ní ewé àti òdòdó, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ gbé nǹkan wíwúwo lé e kí ó gbẹ. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yín mú un lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ewéko ní Yunifásítì Ìlọrin, tàbí sí ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí ní ilé ìwádìí igbó ní Ìbàdàn. Wọ́n á sọ orúkọ rẹ̀ méjèèjì.

Èmi kò ní kí a sọ orúkọ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ nù. Ohun tí mo ní ni pé ẹni tó bá fẹ́ fi ewé ránṣẹ́ sí wa, kí ó kọ Yorùbá rẹ̀, kí ó kọ Látìn rẹ̀ sí i. Bí kò bá kọ ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ire o.