Ta Ni "A" Tó Wà Nínú Òfin Ẹgbẹ́ Yìí?

Gbólóhùn mẹ́ta péré ni òfin náà. Ó wà nínú ìwé òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí màmá mi ń bá dáwó ní ìlú Oǹdó, òfin náà sì ni wọ́n fi yọ ọ̀rẹ́ wọn kan lẹ́gbẹ́ lọ́dún tó kọjá. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyí:

"Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá hùwà tí kò bójú mu, tàbí tí kì í bá san owó déédéé, a ó pè é, a ó sì fìyà tó tọ́ jẹ ẹ́. A lè yọ ọ́ lẹ́gbẹ́ pẹ̀lú. Ohun tí a bá pinnu ni abẹ gé."

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, n kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ dán. Ìgbà tí àǹtí tí wọ́n yọ náà jókòó sí pálọ̀ wa tó ń sunkún ni mo tún un kà, tí mo wá rí i pé kò sí ẹyọ ènìyàn kan nínú gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n fẹ́ fìyà jẹ.

Àǹtí yìí ti kó lọ sí Àkúrẹ́, aṣọ ni wọ́n ń tà nítòsí Ọjà Ọba níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kúrò nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ti wà fún ọdún méje. Ọmọ wọn ṣàìsàn, wọn kò san owó oṣù karùn-ún, ìkẹfà àti ìkeje. Wọ́n ní àwọn ránṣẹ́. Ẹgbẹ́ ní ìránṣẹ́ kankan kò dé. Wọ́n lẹ ìwé ìpè mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìpàdé ní Oǹdó, ẹni tí wọ́n ń pè sì wà ní Àkúrẹ́. Wọ́n yọ wọ́n lẹ́yìn odi. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé mẹ́rìnlá náírà ni owó wọn tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìgbà tí wọn yóò gbà á.

Torí pé ẹ̀kọ́ èdè ni mò ń kọ́, màmá mi ní kí n wá bá wọn tún òfin náà kọ. (Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: kí wọ́n ti gbọ́ pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè lo wà, o ti di akọ̀wé gbogbo ẹbí.) Mo bi àwọn mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ léèrè pé ta ni "a" tó wà nínú "a ó fìyà jẹ ẹ́". Alága ní ìgbìmọ̀ ni. Akọ̀wé ní alága, akọ̀wé àti akápò ni. Màmá mi ní gbogbo àwa tá a bá wà ní ìpàdé ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń lo òfin yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, oníkálùkù pẹ̀lú "a" tirẹ̀.

Mo mọ ibi tí "a" yìí ti wá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń kọ irú ìwé òfin báyìí tẹ́lẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé nǹkan di ṣíṣe láì dárúkọ ẹni tó ṣe é. Yorùbá kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ ìṣe wa fẹ́ olùwà. Bí ẹni tó ń túmọ̀ bá dé ibẹ̀ tí kò rí olùwà, yóò fa "a" tàbí "wọ́n" yọ, yóò sì máa lọ. Nínú ìtàn, kò sí wàhálà. Nínú òfin, ibẹ̀ gan-an ni agbára sá pamọ́ sí, nítorí ẹni tó bá tètè dìde ní ìpàdé ni yóò di "a".

Ohun kejì ni "kì í". Àǹtí jiyàn pé àwọn kò ṣẹ̀ sí òfin náà, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tí "kò san" owó lè jẹ́ ẹni tí kò san án lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí "kì í san" ni àìsan ti di àṣà fún. Oṣù mẹ́ta nínú ọdún méje kì í ṣe àṣà ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìmọ̀ gírámà lè gba ènìyàn sílẹ̀ níbi tí òfin kò ti sọ iye oṣù. Àwọn ìgbìmọ̀ náà lè sọ pé oṣù mẹ́ta ti di àṣà, ta ni yóò já wọn ní koro?

"Ni abẹ gé" tilẹ̀ burú jù. Òfin àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1993 ti sọ ibi tí a ń gbé aáwọ̀ lórí iṣẹ́ ẹgbẹ́ lọ: ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà tó ń rí sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, ìbáà jẹ́ láàárín ọmọ ẹgbẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́, tàbí láàárín ẹgbẹ́ àti ẹni tó ti kúrò nínú rẹ̀. Ìwé ẹgbẹ́ kò lè fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti ilẹ̀kùn náà.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé. Ní 1986, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ Garba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú Yunifásítì Màídúgùri. Rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ náà, wọ́n lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kúrò. Igbákejì gíwá ni alága ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ wọ́n sì ti dáná sun ilé òun fúnra rẹ̀ nínú rògbòdìyàn yẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló jàre. Ilé ẹjọ́ ní ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò lè jókòó ṣe adájọ́ rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Wọ́n tún ní ẹ̀sùn ọ̀daràn bíi dídáná sun ilé kì í ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lè dá lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ ló ni ín. Èyí kọ́ mi ní ohun kan nípa ìwé màmá mi: ẹnì kan fẹ́ kí n kọ "olè jíjà" sínú òfin, mo kọ̀. Mo kọ "ẹni tí owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò lè sọ bó ṣe ná an" dípò rẹ̀. Ìyẹn, ẹgbẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ìwé owó. Pípe ènìyàn ní olè kò sí lọ́wọ́ wọn.

Akápò tó sì jókòó ní ọjọ́ tí wọ́n yọ àǹtí? Àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ ìṣirò ẹ̀yáwó tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àìsanwó wá bọ́ sí nínú àtúnkọ nìyí, lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin tí mo ti ya á:

"Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò bá san owó oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ léra ti rú òfin yìí, àyàfi tó bá ti sọ ìdí rẹ̀ fún akọ̀wé kí oṣù kẹta tó parí. Akọ̀wé yóò kọ lẹ́tà sí ọmọ ẹgbẹ́ náà. Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ sọ oṣù tí kò san, àti ọjọ́, àkókò àti ibi tí ìgbìmọ̀ yóò ti gbọ́rọ̀. Akọ̀wé yóò fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́, tàbí kí ó fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ tó wà nínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́. Ẹni márùn-ún tí ìpàdé gbogbogbòò yàn ni yóò gbọ́rọ̀ náà. Ẹni tó fẹ̀sùn kàn án, ẹni tó ní aáwọ̀ owó pẹ̀lú rẹ̀, tàbí ẹbí wọn kò gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ lè kìlọ̀ fún un, tàbí kí wọ́n bu owó ìtanràn tí kò ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ lé e. Ìpàdé gbogbogbòò nìkan ló lè yọ ọmọ ẹgbẹ́. Akápò yóò san owó ẹni tí wọ́n yọ fún un láàárín ọgọ́ta ọjọ́, lẹ́yìn tó bá ti yọ gbèsè rẹ̀ kúrò."

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé "ta ni?", ẹ ó rí i pé ó dáhùn.

Kí a tó dé ibẹ̀, èmi náà ṣe àṣìṣe. Nínú ìwé mi àkọ́kọ́, mo kọ pé "akọ̀wé yóò ka ẹ̀sùn náà sí ọmọ ẹgbẹ́ náà létí, yóò sì sọ ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀." Mo kà á fún àwọn ìyá mẹ́ta tí kò tíì gbọ́ ọ rí, mo sì bi wọ́n pé ta ni yóò sọ ohun tó mọ̀. Méjì ní akọ̀wé ni. Ẹni tí mo fẹ́ kó sọ̀rọ̀ ni ọmọ ẹgbẹ́! Mo ṣe ọdún mẹ́rin lórí arọ́pò-orúkọ, mo sì fi arọ́pò-orúkọ gba ẹnu lọ́wọ́ ẹni tí mo fẹ́ gbà sílẹ̀. Láti ìgbà náà, orúkọ ni mò ń tún kọ níbikíbi tí ènìyàn méjì bá ti wà nínú gbólóhùn kan.

Ìyá kẹta ló bá mi rí ohun tí n kò lè rí láéláé. Mo ti kọ pé lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé "ní ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣáájú" ìgbẹ́jọ́. Mo ní, "Mà, bí lẹ́tà bá dé lọ́jọ́ kìíní oṣù, ọjọ́ wo ni ìgbẹ́jọ́ lè tètè wáyé?" Wọ́n fi ìka kà á, wọ́n ní ọjọ́ kẹrìnlá. Mo ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò lọ sílé ìwé. Wọn kò sì ṣì í kà: bí àwa Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́ nìyẹn, a máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Ọjà tí a ń ná lọ́rọọrún, ọjọ́ mẹ́rin ni yóò fi padà yí ká, àwọn onítàdógún sì ń pàdé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri kì í kà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan tó láti da ẹjọ́ rú. A wá fi gbólóhùn méjì kún un: "Ìgbẹ́jọ́ kò gbọ́dọ̀ wáyé kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí lẹ́tà dé ni a ó ka sí ọjọ́ kìíní."

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn. Alága, tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, ní òfin tó bá ṣe tóótóó báyìí ń so àgbà lọ́wọ́, pé ẹgbẹ́ ti ń fi ojú àánú wo ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Òótọ́ ni pé a pàdánù nǹkan kan. Bí ìdí bá dára tó sì jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé, òfin tuntun yìí yóò ṣì mú ẹni náà, kìlọ̀kìlọ̀ lásán ni ìgbìmọ̀ lè fi ṣàánú rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé mo fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, nítorí ojú àánú yẹn kò rìn dé Àkúrẹ́ lọ́dún tó kọjá.

Ohun kan wà tí a kò rí yanjú: ìdúró. Àǹtí ṣe onídùúró fún àwọn méjì tó yá owó. Bí wọ́n bá yọ onídùúró lẹ́gbẹ́, ṣé ìdúró rẹ̀ parí? Bó bá parí, owó ẹgbẹ́ wà nínú ewu. Bí kò bá parí, a ti ń di owó ẹni tí a lé mú nítorí gbèsè ẹlòmíràn. Mo dábàá pé kí ẹni tó yá owó wá onídùúró mìíràn láàárín ọgọ́ta ọjọ́ kan náà. Wọn kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀, a sì ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Ìpàdé gbogbogbòò fọwọ́ sí ìyókù. Àtúnṣe òfin ẹgbẹ́ kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí wọn yóò fi fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà náà, nítorí náà òfin àtijọ́ ṣì ni òfin. Àmọ́ "a ó pè é" kò sọ pé a kò lè fi lẹ́tà pè é. Akọ̀wé ti gbà láti tún ọ̀rọ̀ àǹtí gbọ́, wọ́n sì kọ lẹ́tà tí ọjọ́, àkókò àti ibi ìgbẹ́jọ́ wà nínú rẹ̀. Mo bá àǹtí ní ìsọ̀ wọn ní Àkúrẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́tà náà wà lábẹ́ ọ̀pá ìwọnṣọ. Wọ́n ti fi bírò fa ìlà sábẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì bi mí bóyá àwọn lè mú káàdì ilé ìwòsàn ọmọ náà dání.