Ọ́dítọ̀ Tó Ti Di Ará Ilé

Nígbà tí mo lọ sílé ní Ayétòrò-Èkìtì, mo bá wọn jókòó níbi ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Ọ́dítọ̀ dìde, ó ní ìwé owó péye, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Mo wá bi ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé ta ló máa ń kọ ìwé owó náà. Wọ́n ní, “Òun náà ni, ọmọ mi. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.”

Mi ò ní ẹnikẹ́ni jalè o. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bí ọ́dítọ̀ yẹn bá rí àṣìṣe, àṣìṣe ara rẹ̀ ló rí. Ṣé yóò wá pariwo?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti abúlé nìkan. Ní ìparí ọdún 2006, àṣírí tú ní Cadbury Nigeria, ní Ìkẹjà, pé wọ́n ti ń bu èrè tí kò sí mọ́ èrè wọn fún ọdún bíi mélòó kan. Owó náà lé ní bílíọ̀nù 13 náírà. Ọ̀kan lára ọgbọ́n tí wọ́n dá rèé: bí ọdún bá ń parí lọ, wọ́n á kó ọjà lé àwọn alágbàtà lọ́wọ́ ju ohun tí wọ́n lè tà lọ, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti tà. Ọ́dítọ̀ tó bá fura yóò wo iye ọjà tó padà wá ní oṣù kìíní, yóò sì bi àwọn alágbàtà fúnra wọn. Ẹni tó bá ti mọ ọ̀gá iléeṣẹ́ tipẹ́tipẹ́ lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ láì wádìí. Ní 2008, àjọ SEC bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 20 náírà lé Akintola Williams Deloitte, tó yẹ ìwé náà wò.

Owó iṣẹ́ mìíràn tún wà. Ní ọdún 2000, Arthur Andersen gba mílíọ̀nù 25 dọ́là lọ́wọ́ Enron, ní Amẹ́ríkà, fún àyẹ̀wò ìwé, ó sì gba mílíọ̀nù 27 fún iṣẹ́ mìíràn. Enron wó lulẹ̀ ní 2001. Ẹnu tó bá ti jẹ dọ̀dọ̀, kò ní lè sọ òdodo.

Nítorí èyí ni ìlànà ìṣàkóso iléeṣẹ́ ti 2018 ní Nàìjíríà fi sọ pé iléeṣẹ́ ọ́dítọ̀ kan kò gbọdọ̀ lò ju ọdún 10 lọ níbì kan. Tó bá kúrò, ó di ẹ̀yìn ọdún 7 kó tó lè padà. Ọ̀gá tó ń darí àyẹ̀wò náà gbọ́dọ̀ yí padà lẹ́yìn ọdún 5. Òótọ́ ni pé àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran: ọ́dítọ̀ tuntun lè má mọ kọ̀rọ̀ ilé ní ọdún àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó ka ìwé iṣẹ́ ẹni tó ń lọ.

Ẹ̀yin tó ń ra ìpín lórí fóònù, ẹ wo ìwé ìròyìn ọdọọdún iléeṣẹ́ yín. Ọdún mélòó ni ọ́dítọ̀ ti lò? Èwo ló pọ̀ jù, owó àyẹ̀wò ni àbí owó iṣẹ́ mìíràn? Ní ti ẹgbẹ́ wa nílé, mo ti sọ fún wọn: ẹ jẹ́ kó máa kọ ìwé lọ, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn wá yan ẹlòmíràn tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò.