Ẹ Má Bá Wa Pa Pélé Rẹ́ Nínú Fọ́tò Físà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí ẹnìkan ti bẹnu àtẹ́ lu àwọn ẹ́ḿbásì pé ìgbéraga ló ń mú wọn dá fọ́tò àwọn èèyàn wa padà. Ó ní bí ayàwòrán bá mú kí ara èèyàn dán díẹ̀, tó pa àpá ojú rẹ̀ rẹ́, ṣé kì í ṣe ẹni náà ló ṣì jẹ́ ni? Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe jẹun, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń yà. N kò bá a gbà, àfi níbì kan tí màá mẹ́nu bà tó bá yá.

Ohun tí òǹkọ̀wé náà fò ni pé kì í ṣe èèyàn nìkan ló ń wo fọ́tò yìí. Ìwé ìrìnnà òde òní ní ṣíìpù kékeré kan nínú, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi fọ́tò náà pa mọ́ sí. Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú, kámẹ́rà á ya ojú arìnrìn-àjò, ẹ̀rọ á sì fi ohun tó rí wé èyí tó wà nínú ṣíìpù. Ìrísí ojú lápapọ̀ ló ń wò, bí ojú, imú, ẹnu àti àgbọ̀n ṣe tò síra. Áàpù tó ń sọ ẹyinjú di ńlá, tó ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tín-ín-rín, ètò yẹn gan-an ló ń dà rú. Ẹni tó bá débẹ̀ pẹ̀lú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lè rí i kí géètì má ṣí, kí wọ́n ní kó yà sápá kan.

Òǹkọ̀wé wa lè ní ara dídán kì í yí imú padà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìdí mìíràn wà tí wọn ò fi fẹ́ ara dídán, òun ló sì yẹ ká mọ̀. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Bólóńyà ní Ítálì fi hàn pé èèyàn lè po ojú ẹni méjì pọ̀ sínú fọ́tò kan, kí ẹ̀rọ sì gbà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn pé òun ló ni ín. Ìwé ìrìnnà kan, èèyàn méjì. Ní 2018, ẹgbẹ́ ajìjàgbara kan ní Jámánì tó ń jẹ́ Peng! po fọ́tò ọ̀kan nínú wọn mọ́ ti Federica Mogherini, tó jẹ́ aṣojú àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, ìjọba sì tẹ ìwé ìrìnnà fún un pẹ̀lú fọ́tò yẹn. Láti oṣù karùn-ún 2025, òfin Jámánì ò fara mọ́ fọ́tò orí bébà mọ́ fún ìwé ìrìnnà. Ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ ni yóò yà á, tàbí kí ilé fọ́tò tí ìjọba mọ̀ fi í ránṣẹ́ tààrà, kó má gba ọwọ́ oníbàárà kọjá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì pè é ní ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, ìgbìmọ̀ tí àjọ JAMB gbé kalẹ̀ lórí èrú inú ìdánwò UTME ròyìn pé àwọn rí 190 ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ po ojú èèyàn pọ̀, kí ẹlòmíràn lè bá akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ṣe ìdánwò.

Ẹni tó po ojú méjì pọ̀ gbọ́dọ̀ bo ibi tí wọ́n ti pàdé, ara dídán ló sì sábà máa ń fi bò ó. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá rí ojú tí kò ní ihò awọ ara kankan, tí kò hunjọ níbì kan, tí etí irun rẹ̀ rí bàìbàì, kò sí bó ṣe máa mọ̀ bóyá ẹwà lẹ ń wá tàbí ẹ̀tàn lẹ ń ṣe. Èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni pé kó dá fọ́tò náà padà.

Ìyá kan láti Ọ̀yọ́ wá sọ́dọ̀ mi lọ́dún tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà ló bá a kọ DS-160, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè físà. Ibòmíràn ni wọ́n ti ya ìyá. Wọ́n pa pélé rẹ̀ rẹ́, wọ́n sọ ọ́ di apọ́nbéporé, wọ́n gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò láti fi funfun rọ́pò, díẹ̀ lára etí òsì sì bá a lọ. Fọ́ọ̀mù gba fọ́tò náà wọlé, torí ìwọ̀n ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń yẹ̀ wò: igun mẹ́rin tó dọ́gba, ó kéré tán 600 píkísẹ̀lì, kó má ju 240 kílóbáìtì lọ. Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Pélé wà lójú ìyá, ó wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ àtijọ́, kò sí nínú fọ́tò tuntun. Wọ́n bi í bóyá òun ni, wọ́n bi í ta ló bá a kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kó lọ mú fọ́tò mìíràn wá.

Mo ní kó dúró níwájú ògiri funfun, níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí i kí òjìji má baà hàn, mo tan iná lọ́tùn-ún àti lósì. Orí, láti àgbọ̀n dé àtàrí, gbọ́dọ̀ gba ìdá 50 sí 69 nínú ọgọ́rùn-ún gíga fọ́tò náà. Mo gé e sí ìwọ̀n yẹn, n kò fọwọ́ kan ojú. Wọ́n gbà á.

Ìyá yẹn bọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń di ti òfin nígbà tí wọ́n bá fi àtúnṣe fọ́tò bo ohun tó ṣe kókó, bí ẹni tí wọ́n ti kọ̀ fún rí tó yí ojú padà tó tún wá lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ìsọ̀rí 212(a)(6)(C) nínú òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ bẹ́ẹ̀ wá físà ò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé títí láé, àfi tí wọ́n bá fún un ní ìyọ̀ǹda pàtàkì. Bírítéènì lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. N kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, fíltà lásán kì í gbé èèyàn débẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà ni yóò dúró ṣàlàyé níwájú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ayàwòrán tó fọwọ́ kan fọ́tò náà ti gba owó rẹ̀, ó ti lọ.

Ibi tí mo ti fara mọ́ òǹkọ̀wé yẹn rèé. Ẹ̀rọ kì í ṣe dáadáa sí dúdú bó ṣe ń ṣe sí funfun. Ní 2020, BBC dán ẹ̀rọ tí Bírítéènì fi ń yẹ fọ́tò ìwé ìrìnnà wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wò. Ẹ̀rọ náà ní fọ́tò kò dára fún ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin aláwọ̀ dúdú, nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ìdá 9 péré nínú àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun. Ìyẹn tó ohun tí èèyàn ń kọ lẹ́tà lé lórí. Síbẹ̀, iná tó pọ̀ tó kí a tó ya fọ́tò ni oògùn rẹ̀ lọ́wọ́ tiwa, kì í ṣe kí a yà á tán ká wá máa bó ojú èèyàn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ pa ohun tí wọ́n kọ Beauty sí lórí fóònù yín kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, torí lórí ọ̀pọ̀ fóònù, títàn ni wọ́n ti tàn án sílẹ̀ kí ẹ tó rà á. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ béèrè kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde bóyá ó fọwọ́ kan ojú yín. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní kó tún yín yà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ayàwòrán kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.